Ìpè Tí Iṣan Kò Jẹ́ Mọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tó lè ṣì wá lọ́nà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú u. Èdè wa ń pe ẹran ara tó ń fà ní iṣan. Ó tún ń pe okùn tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ wá sínú ara ní iṣan. Nírọ̀lẹ́ yìí, iṣan ni n ó máa pe èyí tó ń fà, nẹ́ẹ̀fù ni n ó máa pe èyí tó ń jẹ́ iṣẹ́. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni mo wá sọ̀rọ̀ lé, nítorí ibẹ̀ ni àìsàn mayasitíníà gíráfíìsì ti ń jà.

Wọ́n pàdé lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò fara kan ara wọn. Àlàfo kan wà láàárín wọn, ó tín-ín-rín débi pé bí ẹ bá to 20,000 irú rẹ̀ ti ara wọn, gbogbo rẹ̀ ò ju mìlímítà kan lọ. Síbẹ̀, iná tó ń sáré bọ̀ nínú nẹ́ẹ̀fù ò lè fò ó. Kẹ́míkà kan ló gbọ́dọ̀ bá a kọjá, asẹtaikolíìnì lorúkọ rẹ̀.

Láyé owó ẹyọ, ẹni tó ní owó ńlá ní ọwọ́ kì í ka ẹyọ níkọ̀ọ̀kan. Ọ̀kẹ́ ló fi ń sanwó. Bí nẹ́ẹ̀fù náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Inú àwọn àpò kéékèèké ló di asẹtaikolíìnì sí, bíi 5,000 sí 10,000 nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí iná bá dé ẹnu nẹ́ẹ̀fù, àwọn ojú ihò kan á ṣí, kalisíọ́ọ̀mù á ya wọlé, awọ àwọn àpò tó ti dúró létí á sì lẹ̀ mọ́ awọ nẹ́ẹ̀fù, wọ́n á tú ẹrù wọn sínú àlàfo. Paul Fatt àti Bernard Katz ló ṣàlàyé àmì àpò wọ̀nyí ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú iṣan ọ̀pọ̀lọ́, ní 1952. Wọ́n rí i pé bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ fọwọ́ kan nẹ́ẹ̀fù, iná kékeré kan ń gbọ̀n nínú iṣan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n kan náà ló sì sábà máa ń jẹ́. Àpò kan tó dá tú ló ń fà á. Ní 1970, Katz wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nòbẹ́ẹ̀lì.

Lójú iṣan, àwọn ilẹ̀kùn wà tí asẹtaikolíìnì ń ṣí. Méjì rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ so mọ́ ilẹ̀kùn kan kó tó ṣí, kí sódíọ́ọ̀mù lè wọlé, kí iná iṣan sì gbéra. Bí iná náà bá pé ìwọ̀n, fọ́nrán iṣan náà á fà. Bí kò bá pé, kò ní fà rárá. Kò sí àbọ̀ níbẹ̀. Láàárín ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú akàn kan, kolinẹ́sítérésì, amúṣẹ́yá tó ń gbé inú àlàfo, á ti gé asẹtaikolíìnì náà sí méjì.

Ẹ jẹ́ ká wá ro olùkọ́bìnrin kan, ẹni ọgbọ̀n ọdún. Láàárọ̀, ohùn rẹ̀ já gaara. Tó bá di ọ̀sán, ìpéǹpéjú ọ̀tún rẹ̀ á máa wá sílẹ̀, á sì máa rí ènìyàn kan bíi méjì. Lálẹ́, tó bá ń jẹ ẹran, yóò fi ọwọ́ ti àgbọ̀n rẹ̀ kó tó lè jẹ ẹ́ kúnná. Ó sùn, ó jí, ara rẹ̀ tún le. Irú ẹni báyìí ni wọ́n máa ń sọ pé ọ̀lẹ ni, tàbí pé ó ń díbọ́n, ó sì dùn mí gan-an, nítorí lílọ-bíbọ̀ tí wọ́n fi ń dá a lẹ́bi yìí gan-an ni àmì àìsàn náà.

Kí ló bà jẹ́? Ní 1964, àwọn onímọ̀ ní Súwídìn gé iṣan díẹ̀ láàárín egungun ìhà àwọn aláìsàn, wọ́n wọn iná inú rẹ̀. Iye àpò tí nẹ́ẹ̀fù ń tú pé. Ṣùgbọ́n iná tí àpò kan ń dá kéré púpọ̀. Wọ́n rò pé ẹrù inú àpò ló dín. Ìwọ̀n wọn tọ̀nà, ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni kò tọ̀nà. Ní 1973, Fambrough, Drachman àti Satyamurti lo oró ejò kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn wọ̀nyí típẹ́típẹ́, wọ́n fi kà wọ́n. Ohun tó kù lára iṣan àwọn aláìsàn kò ju nǹkan bíi 11 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ti ẹni tó dá ṣáṣá. Nẹ́ẹ̀fù ń ké. Àwọn tó yẹ kó gbọ́ ni kò sí nílé. Áńtíbọ́dì, ohun ìjà tí ara fi ń gbógun ti kòkòrò àrùn, ló yíjú sí ilẹ̀kùn ara fúnra rẹ̀: ó ń mú kí iṣan gbé wọn mì, ó sì ń pe àwọn oníjà mìíràn wá fọ́ awọ tí wọ́n wà lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ pé iṣẹ́ ló ń mú kí ó rẹ olùkọ́ wa? Ẹ jẹ́ ká fi iye tó rọrùn ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní nẹ́ẹ̀fù tú àpò 40 nígbà ìpè àkọ́kọ́. Bí ìpè bá tẹ̀ lé ara wọn, àwọn àpò tó wà ní ìmúrasílẹ̀ á máa dín: 34, lẹ́yìn náà 30. Gbogbo wa nìyẹn ń ṣẹlẹ̀ sí. Ká ní àpò kan ń dá mìlífóòtù kan lára ẹni tó dá ṣáṣá, tí iṣan sì nílò 12 kó tó fà. 40, 34, 30: gbogbo rẹ̀ kọjá 12, kò sì mọ̀ pé nǹkan kan dín. Lára olùkọ́ wa, àpò kan ń dá 0.35. Ìpè àkọ́kọ́ mú 14 wá, iṣan fà. Èkejì mú 11.9, kò fà. Ẹ̀kẹta mú 10.5, kò fà. Bí fọ́nrán kan ṣe ń dákẹ́ tẹ̀ lé òmíràn nìyẹn, tí ìpéǹpéjú fi ń wá sílẹ̀. Bó bá sinmi, àwọn àpò á tún tò sẹ́nu ọ̀nà.

Dókítà lè fojú rí èyí. Wọ́n á fi iná díẹ̀ ta nẹ́ẹ̀fù lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ìṣẹ́jú akàn kan. Bí ìdáhùn iṣan bá fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá relẹ̀ láàárín ìpè mẹ́rin-márùn-ún àkọ́kọ́, àìsàn náà ti fọhùn. Níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ, yìnyín tí a fi aṣọ wé, tí a gbé lé ìpéǹpéjú fún bíi ìṣẹ́jú méjì, lè gbé e sókè, nítorí òtútù ń mú kí kolinẹ́sítérésì lọ́ra, asẹtaikolíìnì á sì pẹ́ sí i.

Ọ̀nà yìí kan náà ni oògùn gbà. Ní 1934, Dókítà Mary Walker, ní ilé ìwòsàn kan ní Gírínwíìṣì, ṣàkíyèsí pé àìsàn yìí jọ májèlé kuráárè. Ó fún aláìsàn rẹ̀ ní ohun tí wọ́n fi ń pa kuráárè, fisositígímíìnì, ara aláìsàn náà sì le fún wákàtí díẹ̀. Inú ẹ̀wà Kàlàbá, tí àwọn Ẹ́fíkì fi ń dán ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn wò láyé àtijọ́, ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Piridositígímíìnì tí aláìsàn ń lò lónìí ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ó sì rọrùn jù ú lọ. Ṣùgbọ́n kò dá ilẹ̀kùn padà. Oògùn tó ń dá áńtíbọ́dì dúró, tàbí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń yọ táímọ́ọ̀sì inú àyà, ló ń bá orísun rẹ̀ jà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ibà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Kuíníínì ń dí ìpè náà lọ́wọ́ lójú iṣan; abẹ́rẹ́ jẹntamáísìn ń dín àpò tí nẹ́ẹ̀fù ń tú kù. Ẹni tó ní 40 tó nílò 12 kì í mọ̀ ọ́n lára; ẹni tó ní 14 á ṣubú. Iṣan tó ń fa èémí wà lára èyí tó lè dákẹ́. Ẹ ní kí aláìsàn náà mí kanlẹ̀, kó máa ka oókan lọ sókè láì mí mìíràn. Bí kò bá lè ka dé ogún, ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ tó ń báni mí ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, lójú ẹsẹ̀.