Kàlẹ́ńdà ni àbí àkọsílẹ̀ iṣẹ́? Fún òbí tó ń sáré ilé-ìwé, tó tún ń sáré iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tòní, ẹ̀yin òbí lẹ fi ń pè mí. Ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ yín ń béèrè: "Áàpù wo ni kí n lò? Mo ní ọmọ, mo ní iṣẹ́, nǹkan ń bọ́ lọ́wọ́ mi." Ẹlòmíràn ti ní áàpù mẹ́ta lórí fóònù rẹ̀, síbẹ̀ tíṣà á ṣì máa pè é pé ọmọ rẹ̀ nìkan ló kù ní géètì.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ibi tí àwa èèyàn kì í sábà wò. Ẹ má tíì béèrè áàpù tó rẹwà jù. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé, bí àkókò nǹkan yìí bá kọjá tí mi ò ṣe é, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i lójú fóònù?

Kàlẹ́ńdà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá kọ "san owó bọ́ọ̀sì ilé-ìwé" sí aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lórí Google Calendar, tí aago mẹ́wàá bá ti kọjá, ó parí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà á wà lẹ́yìn yín níbẹ̀ bí ẹni pé ẹ ti san án. Bí Ọjọ́rú bá mọ́, ẹ ò ní rí i mọ́ àfi tí ẹ bá padà sẹ́yìn lọ wò ó. Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ní tirẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ èèyàn ni. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ò bá tíì máàkì í pé ó ti parí, ó wà níbẹ̀ lónìí, ó wà níbẹ̀ lọ́la. Microsoft To Do tiẹ̀ máa ń sọ déètì tó ti kọjá di pupa.

Torí náà, lílọ mú ọmọ, kàlẹ́ńdà ni ilé rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó lè lọ mú ọmọ àná lónìí. Owó bọ́ọ̀sì, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ni ilé rẹ̀, torí gbèsè kì í kọjá lọ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá kó méjèèjì sínú áàpù kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni nǹkan ti máa ń bọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé tèmi ṣe àpẹẹrẹ. Yábà ni ọ́fíìsì mi wà, ilé-ìwé àwọn ọmọ wà ní Ojodu. Aago méjì ààbọ̀ ni wọ́n ń jáde láti Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, aago kan ni ti Ọjọ́ Ẹtì. Èmi ni mò ń mú wọn ní Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, màá sì parí iṣẹ́ tó kù láti ilé. Dádì wọn ló ni Ọjọ́bọ̀ àti Ọjọ́ Ẹtì.

Ọ̀pọ̀ òbí á kọ ọ́ báyìí: "2:30, mú àwọn ọmọ." Ṣùgbọ́n aago méjì ààbọ̀ ni ìgbà tó yẹ kí ẹ ti dé géètì, kì í ṣe ìgbà tó yẹ kí ẹ dìde. Fóònù ò mọ̀ pé sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ wà ní ọ̀nà Berger. Ohun tó wà lórí kàlẹ́ńdà tèmi ni "Kúrò ní ọ́fíìsì, ó di Ojodu", láti 1:20 sí 3:00. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Google Calendar ti ń ka ìṣẹ́jú ìránnilétí, nítorí náà bí mo bá ní kó dún ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú, 1:10 ló máa dún, mo ṣì ráyè ti kọ̀ǹpútà mi. Èrè kejì ni pé gbogbo wákàtí yẹn ti kún lórí kàlẹ́ńdà. Bí ímeèlì iṣẹ́ yín bá yàtọ̀, ẹ fi ímeèlì náà kún un gẹ́gẹ́ bí àlejò, kó lè hàn lọ́hùn-ún pé ọwọ́ yín dí, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìpàdé sí aago méjì.

Ẹ má máa kọ ọ́ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan o. Ẹ tẹ "Does not repeat", ẹ yan "Custom", kí ẹ mú àwọn ọjọ́ tí ẹ fẹ́. Ọjọ́ Ẹtì á dá dúró lọ́tọ̀, torí aago rẹ̀ yàtọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọjọ́ tó máa parí, ìyẹn ọjọ́ tí táàmù máa parí. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo ibí yìí. Kàlẹ́ńdà tí kò ní òpin á máa dún títí wọ inú ọlidé oṣù kẹjọ, bó bá sì ti ń dún lásán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, etí yín á ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa á tì. Ìgbà tí ilé-ìwé bá wọlé, ẹ ò ní gbọ́ ọ mọ́.

Fún ìsinmi àárín táàmù, ẹ lọ sí ọjọ́ náà gan-an kí ẹ pa á rẹ́. Fóònù á béèrè èyí tí ẹ fẹ́ pa rẹ́. "This event" ni kí ẹ yàn. Ẹni tó bá tẹ "All events", gbogbo táàmù ló lọ yẹn. Ní ti ìsinmi Iléyá àti ti ìtúnu ààwẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ kéde ọjọ́ rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkankan, torí oṣù tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń tẹ̀ lé, déètì tó ti wà lórí kàlẹ́ńdà tẹ́lẹ̀ lè yí padà.

Ó ku bí ẹni méjì ṣe máa pín in. Ẹ ṣí calendar.google.com, ẹ dá kàlẹ́ńdà tuntun sílẹ̀, kí ẹ pè é ní "Ilé". Ẹ wọ "Settings and sharing", ẹ fi ímeèlì ẹnì kejì yín kún un, kí ẹ sì yan "Make changes to events", kí òun náà lè yí nǹkan padà bí ọwọ́ rẹ̀ bá dí.

Ibí yìí ló ti wá ń dùn mọ́ mi láti sọ̀rọ̀, torí ó máa ń da tọkọtaya rú. Dádì wọn sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pé, "Mummy Tọ́lá, mo rí i lórí fóònù mi o, àmọ́ kò dún." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Google Calendar máa ń pín ọ̀rọ̀ tó wà lórí kàlẹ́ńdà fún ẹni méjì, kì í pín ìránnilétí. Èyí tí mo bá ṣètò lórí fóònù mi, fóònù mi nìkan ló máa dún. Kálukú gbọ́dọ̀ wọ Settings lórí fóònù tirẹ̀, kó wá kàlẹ́ńdà "Ilé", kó sì fi iye ìṣẹ́jú tó fẹ́ sí i. Kò gba ìṣẹ́jú méjì, ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá ṣe é, Ọjọ́bọ̀ á dé, ẹ̀yin á rò pé wọ́n ti gbọ́, wọn ò ní gbọ́ nǹkankan.

Ó yá, àkọsílẹ̀ iṣẹ́. Google Tasks rọrùn, ó sì máa ń hàn lórí Google Calendar, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi àkọsílẹ̀ yín níbẹ̀ han ọkọ tàbí aya yín kí ẹ jọ máa lò ó. Fún ẹni tó ń dá tọ́mọ, ó tó. Fún ẹni méjì, Microsoft To Do ni mo fara mọ́. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ kàn máa fi líǹkì ránṣẹ́ sí ẹnì kejì lórí WhatsApp, àkọsílẹ̀ kan náà á sì wà lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Bí wọ́n bá ti ra yunifọ́ọ̀mù lọ́nà tí wọ́n sì máàkì í, ẹ̀yin náà á rí i, ẹ ò ní lọ rà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. "Add due date" kì í dún. Déètì lásán ló ń kọ síbẹ̀. "Remind me" ló ń dún, ọ̀tọ̀ sì ni ẹ ti máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ má sì bẹ̀rù bí ẹ bá rí i láàárọ̀ pé "My Day" ti ṣófo. Alaalẹ́ ló máa ń tú u ká. Iṣẹ́ yín ò sọnù, ó wà nínú àkọsílẹ̀ tó ti wá.

Ẹ jẹ́ ká wò ó pẹ̀lú ìwé kan tí ilé-ìwé fi ránṣẹ́ pé Cultural Day máa wáyé ní Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, kí gbogbo ọmọ wọ aṣọ ìbílẹ̀. Ìwé kan ni, ibi méjì ló ń lọ. Ọjọ́ Ẹtì yẹn lọ sórí kàlẹ́ńdà "Ilé". Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ibẹ̀ nìkan ló wà, òru Ọjọ́bọ̀ ni ẹ máa rántí pé kò sí aṣọ, ẹ sì mọ télọ̀ wa. Nínú To Do, mo kọ "Aṣọ Cultural Day", mo fi ìgbésẹ̀ mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀: ra àǹkárá, gbé e fún télọ̀, gbà á wò. Mo wá fi "Remind me" sí Ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ tó ń bọ̀, torí ọjọ́ yẹn ni mò ń lọ ọjà. Bí mi ò bá lè lọ, kò ní kọjá lọ bíi ti kàlẹ́ńdà, á ṣì máa wò mí lójú.

Todoist ńkọ́? Ó dára, ó ju ohun tí ọ̀pọ̀ òbí nílò lọ, ṣùgbọ́n ó ní ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ràn. Bí ẹ bá kọ `every 5 weeks`, déètì àkọ́kọ́ tí ẹ mú ló máa ń kà láti ibẹ̀. Bí ẹ bá fi àmì ìyanu sí i, `every! 5 weeks`, ọjọ́ tí ẹ ṣe iṣẹ́ náà gan-an ló máa ka láti ibẹ̀. Gáàsì ìdáná gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bí ẹ bá pẹ́ lọ́sẹ̀ kan kí ẹ tó lọ rọ ọ́, ó máa sún ti tuntun síwájú pẹ̀lú yín.

Kí n tó lọ, ọ̀rọ̀ ìró. Ìró Google Calendar kúkurú ni, bíi ti ìfiránṣẹ́ WhatsApp, kì í ké bí aláàmù. Fún lílọ mú ọmọ nìkan, mo fi aláàmù Clock tì í lẹ́yìn ní 1:20, Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú. Àwọn fóònù Áńdíróìdì kan sì máa ń pa áàpù lẹ́nu mọ́ láti fi pa bátìrì mọ́. Ẹ dán tiyín wò lónìí: ẹ kọ nǹkankan sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i, ẹ ní kó dún ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú, ẹ ti fóònù pa, kí ẹ gbé e sílẹ̀. Bí kò bá dún, ẹ wọ Settings, Apps, Calendar, Battery, ẹ yan "Unrestricted", kí ẹ tún un dán wò kí ilé-ìwé tó wọlé ní Ọjọ́ Ajé.