Eruku ọyẹ́, èéfín jẹnẹ́rétọ̀, àti ibi tí wọ́n ń bà sí nínú wa

Ìyá kan tó ń ta ata gígún ní Sábọ̀ngàrì níbí ní Kánò ló bi mí pé: bí òun bá fun imú lálẹ́, tí eruku pupa jáde, ṣé kì í ṣe pé ó ti tán nínú òun nìyẹn? Rárá o, Màmá. Èyí tó jáde yẹn ni imú mú. Ó ku èyí tí imú ò lè mú.

Bí eruku ṣe tóbi tó ló ń sọ ibi tó máa dé. Ẹ mú mìlímítà kan lára rúlà ọmọ iléèwé, kí ẹ pín in sí 1,000. Ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní máíkírọ́ọ̀nù. Irun orí wa nípọn tó nǹkan bí 70. Eruku tó bá ju 10 lọ, imú àti ọ̀fun ló máa ń mú ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìdí ni pé ọ̀nà imú ní kọ́ọ̀nà. Ṣé ẹ mọ lọ́rì tó ru ẹrù tó sì ń sáré? Kò lè yà ní kọ́ọ̀nà, ara ògiri ló máa lọ kọlù. Bẹ́ẹ̀ ni eruku ńlá ṣe ń lẹ̀ mọ́ ikun imú. Ìdí nìyẹn tí alábàárù tó gbé àpò ìrẹsì, tó wá ń fi ẹnu mí hẹlẹhẹlẹ, fi ń gbé eruku wọlé jù wá lọ. Ẹnu ò ní kọ́ọ̀nà bíi ti imú.

Èyí tó wà láàárín 5 sí 10 máa ń kọjá lọ sí àwọn ọ̀nà atẹ́gùn ńláńlá nínú àyà. Ibẹ̀ ṣì dára díẹ̀, torí àwọn irun kéékèèké wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bọ̀ sókè bí ẹni gbá ilẹ̀, a ó sì tu ú tàbí ká gbé e mì láàárín bí ọjọ́ kan. Èyí tó kéré sí 5 ló lè dé ìsàlẹ̀ pátápátá, nínú àwọn àpò atẹ́gùn kéékèèké tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba atẹ́gùn. Kò sí irun tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ló ń gbé eruku náà jẹ, iṣẹ́ yẹn sì lè gba oṣù púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá láàárọ̀. Eruku gbé dé orí, ká ní mítà kan ààbọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, tí eruku náà sì wúwo bí omi, ẹyọ tó jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 10 máa balẹ̀ ní bí ìṣẹ́jú 8. Ẹyọ tó jẹ́ 1 ńkọ́? Bíi wákàtí 12! Ẹ ti ṣílẹ̀kùn, oníbàárà ti wọlé, ẹ rò pé ilé ti mọ́, èyí tó ń wọ àyà ṣì wà lókè. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀, tàbí kí ẹ fi aṣọ tútù nù ún.

Ọyẹ́ náà bẹ́ẹ̀ ni. Púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ ń bọ̀ láti Bodélé ní Ṣáàdì, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ. Èyí tó tóbi ń já bọ́ lójú ọ̀nà, nítorí náà èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Ìbàdàn àti Èkó kúnná ju tiwa lọ.

Èéfín ló wá yàtọ̀. Ti igi ìdáná àti ti jẹnẹ́rétọ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ò tó máíkírọ́ọ̀nù 1. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé èyí tó wà ní bíi 0.3 sí 0.5 ló ṣòro jù láti bà síbì kan: ó kéré jù láti kọlù kọ́ọ̀nà, ó tóbi jù kí afẹ́fẹ́ máa tì í kiri. Púpọ̀ rẹ̀ là ń mí jáde padà. Àmọ́ èyí tó kéré sí 0.1, afẹ́fẹ́ ń gbá a síhìn-ín sọ́hùn-ún títí tó fi lẹ̀ mọ́ ògiri àpò atẹ́gùn.

Ìborùn tí ẹ fi ń di imú, eruku ńlá ló ń dá dúró; èéfín ń gbà á kọjá. Ìbòmú tí wọ́n kọ N95 sí lára ni wọ́n fi eruku bíi 0.3 yẹn dán wò, ó sì gbọ́dọ̀ dá 95 dúró nínú 100. Ṣùgbọ́n tí kò bá lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, bóyá torí irùngbọ̀n, ẹ̀gbẹ́ ni èéfín máa gbà wọlé. Ẹ mí jáde gidi: bí ẹ bá gbọ́ atẹ́gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, tàbí tí gíláàsì ojú yín ṣú, ó ń jò nìyẹn. Màmá aláta, tiyín nìyẹn lásìkò gígún. Ní ti jẹnẹ́rétọ̀, ìbòmú kankan irú èyí ò lè dá gáàsì olóró inú èéfín rẹ̀ dúró, torí gáàsì kì í ṣe eruku. Ẹ gbé e jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kì í ṣe ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tí fèrèsé wà.