Bí Apá Kan Ṣe Dá Ìjà Sílẹ̀: Ọ̀rọ̀ Tí Olùdarí Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ Sọ Níbi Ìpàdé

 

Ẹ ò ní tíì gbàgbé ìjà orí WhatsApp tó ṣẹlẹ̀ lórí ìtàn tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu bàbá àgbà kan ní Ìkòtún. Apá mẹ́fà la pín in sí lórí YouTube. Apá kẹta sọ nípa ìdílé kan, apá kẹrin ló wá dé orí ìdílé kejì. Ẹnìkan fi línkì apá kẹta nìkan ránṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ní a yọ ìdílé kejì sílẹ̀. Bàbá ò ṣẹ̀. Àwa tá a to fídíò la ṣẹ̀.

A kúkú ti kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú àkójọ kan, èyí tí YouTube ń pè ní Playlist. Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé a fi `Sort` sílẹ̀ sórí `Date published (newest)`. Apá kẹfà ló wá ṣíwájú, àwọn èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ìdí. A ti lo kọ̀ǹpútà yí i sí `Manual`, a sì fa apá kìíní lọ sókè. A tún gbé "Apá 1", "Apá 2" sí iwájú àkọlé, torí fóònù máa ń gé àkọlé gígùn kúrò.

Àṣìṣe kejì wà nínú línkì. Tí ẹ bá fi línkì fídíò kan ṣoṣo ránṣẹ́, àkójọ ò tẹ̀ lé e; tó bá parí, YouTube lè gbé fídíò ẹlòmíì wá. Ẹ wo ìparí línkì náà kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Tí ẹ bá rí `list=` níbẹ̀, àkójọ wà pẹ̀lú rẹ̀:

```
youtube.com/watch?v=VIDEO_ID&list=PLAYLIST_ID
```

Ṣùgbọ́n a ò lè sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n má fi línkì apá kan ránṣẹ́. Ìdí nìyẹn tá a fi ń lo `End screen`, ìyẹn àpótí tó ń jáde níparí fídíò, tó ń sọ pé "apá tó kàn rèé". Ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 20 tó kẹ́yìn nìkan ló lè wà. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń ya fídíò, ẹ má pa kámẹ́rà bí àgbà bá ṣe parí ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kó yí fún ìṣẹ́jú àáyá 20 sí i, kí àpótí má baà bo ojú wọn nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì ń dùn.

Kí a tó gbé èyí tó kàn, ti Ìgàndó, síta, ẹ fi línkì rẹ̀ sórí fóònù ẹlòmíì. Ẹ wò ó títí apá kìíní á fi parí. Tí apá kejì bá tẹ̀ lé e, ẹ fi sórí gúrúùpù. Tí kò bá tẹ̀ lé e, ẹ pè mí kí ẹ tó fi síbẹ̀.