Bí A Ṣe Lè Kọ Iṣẹ́ Tí A Fi Lọ̀ Wá Láì Sọ Ọ̀rẹ́ Di Ọ̀tá
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ ìlú sọ ní ìpàdé ọdọọdún)

Bí a ti ń wá iṣẹ́ ni a máa ń gbọ́ nígbà gbogbo ní irú ìpàdé báyìí. Apá kan wà níbẹ̀ tí a kì í sábà fọwọ́ kàn, èyíinì ni ohun tí ó yẹ kí a ṣe nígbà tí iṣẹ́ méjì bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, tí a mú ọ̀kan, tí èkejì sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ti ṣe wàhálà nítorí wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín pé ta ni ó ń rí méjì nígbà tí ọ̀pọ̀ kò rí ẹyọ kan. Ẹni tí ó bá kọ̀wé sí ibi mẹ́wàá, tí ó dúró fún oṣù mẹ́ta, kò mọ ọjọ́ tí èsì yóò dé, èsì méjì sì lè wọlé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí a ń bá lò. Ẹni tí ń bá àwọn ilé iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ kì í ṣe ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà. Ilé iṣẹ́ ni ó ń sanwó fún un, lọ́pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì ń ṣírò owó rẹ̀ lórí ohun tí òṣìṣẹ́ náà yóò gbà ní ọdún kìíní. Bí òṣìṣẹ́ kò bá sì wọṣẹ́, ó lè máà rí kọ́bọ̀ gbà. Ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó máa ń mú lọ síwájú ọ̀gá ilé iṣẹ́. Wọn yóò mú ẹnì kan, wọn yóò sì ní kí ẹni tí ó ṣe ipò kejì ní sùúrù díẹ̀. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá tètè sọ pé òun kò wá, ẹnì kejì ṣì wà nítòsí. Bí ó bá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnì kejì yóò ti bá tirẹ̀ lọ, gbogbo iṣẹ́ náà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ni a fi gbà pé kì í ṣe ìkọ̀ ni ó ń ba àárín jẹ́ jù, bí kò ṣe ìkọ̀ tí ó pẹ́ àti ìkọ̀ tí kò yéni.

A ó fi ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, oníṣirò owó ni, ó sì gbà kí a sọ ọ́ bí a kò bá dárúkọ òun. Àgbà kan nínú ìlú yìí ni ó fi í han ọkùnrin kan tí ń wá òṣìṣẹ́ ní Èkó. Ní ọjọ́ Ajé, ìwé dé pé kí ó wá ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, kí ó sì fèsì kí ọjọ́ Ẹtì tó parí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ilé iṣẹ́ mìíràn ní Ìbàdàn pè é lórí tẹlifóònù pé àwọn ti mú un. Ìbàdàn ni ó wù ú, nítorí ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò le wà níbẹ̀. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní kí ó kọ̀wé sí Èkó lójú ẹsẹ̀. A ní kí ó dúró. Ohùn lásán kì í ṣe ìwé. Ọ̀gá tí ó sọ̀rọ̀ lánàá lè yí ọkàn padà lónìí, ẹni tí ó bá sì ti kọ Ìkẹjà yóò wá wà láàárín méjì láì ní ọ̀kan.

Ní ọjọ́rú, ìwé Ìbàdàn dé. Ó wò ó bóyá iye owó oṣù, ọjọ́ ìwọṣẹ́, iye oṣù tí wọn yóò fi dán an wò, àti iye ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni yóò fi sọ tẹ́lẹ̀ kí ó tó fòpin sí iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ó fọwọ́ sí i, ó fi ránṣẹ́, wọ́n sì dáhùn pé àwọn ti rí i gbà. Ká ní ìwé náà kò dé títí di ọjọ́bọ̀ ni, ì bá sọ òtítọ́ fún ọkùnrin Èkó náà pé òun ń retí èsì kan, kí ó jọ̀wọ́ bá òun bẹ̀bẹ̀ di ọjọ́ Ajé. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ń bẹ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́rú kan náà, ó pe ọkùnrin náà. Ó pè é kí ó tó kọ ìwé kankan, nítorí pé ẹni tí ó ti bá wa jókòó sọ̀rọ̀ tó ẹni tí yóò gbọ́ ohùn wa. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Nítorí iṣẹ́ Ìkẹjà ni mo ṣe pè. Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n mo ti gba iṣẹ́ mìíràn ní Ìbàdàn, mo sì ti fọwọ́ sí ìwé wọn lónìí. N kò ní lè wá.” Ẹ kíyèsí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Àwa Yorùbá kì í fẹ́ sọ pé rárá lójú àgbà. A ó ní, “A ó wò ó,” tàbí, “Ẹ jẹ́ kí n fi tó àwọn ará ilé létí.” Olówó ọjà mọ ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní láti fi orúkọ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì yóò kà á sí bẹ́ẹ̀ ni.

Inú ọkùnrin náà kò dùn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Èló ni wọ́n fẹ́ máa san fún ọ? Bí Ìkẹjà bá fi owó kún un ńkọ́?” Ìbéèrè yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹ̀, ó sì yẹ kí a ti ní èsì rẹ̀ lẹ́nu. Ọmọbìnrin náà dáhùn pé, “Ẹ ṣeun, sà. Kì í ṣe nítorí owó. Ìtọ́jú ìyá mi ni, mo sì ti ṣèlérí fún wọn.” Kò sọ iye owó, kò sì sọ àbùkù kankan nípa Ìkẹjà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní ohun méjì tàbí mẹ́ta tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn níbẹ̀. Ìdí kan ṣoṣo tí ó jẹ́ òtítọ́ ti tó. Bí a bá to ìdí márùn-ún jọ, ẹni tí ń gbọ́ yóò máa tú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí owó bá lè yí wa lọ́kàn padà, kí a tó fọwọ́ sí ìwé ibòmíràn ni kí a ti sọ ọ́. Ẹni tí ó bá gbà kí wọ́n fi owó kún un, tí ó sì tún kọ̀ lẹ́yìn náà, ti dójú ti ẹni tí ó bá a bẹ̀bẹ̀ níwájú ọ̀gá ilé iṣẹ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó fi ìwé tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ẹnu. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí: “Mo dúpẹ́ fún ipò oníṣirò owó tí ilé iṣẹ́ yín ní Ìkẹjà fi lọ̀ mí nínú ìwé yín ti ọjọ́ Ajé. Gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ lórí tẹlifóònù lónìí, n kò ní lè gbà á, nítorí mo ti gba iṣẹ́ mìíràn tí ó sún mọ́ àwọn ẹbí mi. Mo mọ rírì àkókò tí ẹ̀yin àti àwọn tí ó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lò lórí mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.” Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé yìí wúlò fún ọkùnrin náà, nítorí òun ni yóò fi han ilé iṣẹ́ pé kì í ṣe àìṣedéédéé tòun.

Ó ku ẹnì kan tí àwọn ọ̀dọ́ sábà máa ń gbàgbé, àgbà tí ó kọ́kọ́ fi í hàn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó pè é, ó sì ròyìn fún un. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ará Èkó ni bàbá náà ti gbọ́ ọ, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí yóò tètè tán an nínú. Ó tún ní ọ̀rẹ́ kan tí iṣẹ́ náà lè bá mu. Ó béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ náà ná, nígbà tí ó sì gbà, ó fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà. Wọn kò mú ọ̀rẹ́ náà, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ ni ó pe ọmọbìnrin náà, ó ń béèrè bóyá ó mọ akápò kan tí ó ṣeé fọkàn tán.

Gbogbo èyí jẹ́ ti ẹni tí kò tíì sọ pé òun gbà. Bí ọmọbìnrin náà bá ti fọwọ́ sí ìwé Ìkẹjà kí ti Ìbàdàn tó dé, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀: àdéhùn ti wà láàárín wọn, ó sì di dandan kí ó wo ohun tí ìwé náà wí nípa ìkìlọ̀ tẹ́lẹ̀ kí ó tó sọ ohunkóhun. Nígbà náà, ilé iṣẹ́ lè bínú, ó sì lè máà pè é mọ́ láé. Ọkùnrin tí ó mú un lọ nìkan ni ó ṣeé ṣe kí ó tún bá a ṣe, ìyẹn bí ó bá jẹ́ òun ni ó kọ́kọ́ gbọ́, ní ọjọ́ tí ọmọbìnrin náà pinnu gan-an.