Ewu Wo Gan-an? Bí A Ṣe Ń Kọ Abala Ewu Nínú Ìwé Ètò Òwò Adìyẹ



Abala kan wà nínú ìwé ètò òwò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ gbẹ̀yìn, nígbà tí ó ku ọ̀la kí wọ́n gbé ìwé lọ sí báńkì. Abala ewu ni. Ohun tí mo sì ń bá níbẹ̀ kì í sábà yàtọ̀: "Àìsàn lè kọlu adìyẹ wa. A ó máa tọ́jú wọn dáadáa. Owó ọjà lè yí padà. A ó máa ṣọ́ ọjà." Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yọ adìyẹ kúrò, ẹ fi ẹlẹ́dẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò yí padà. Ewu tó bá gbogbo òwò mu kò tíì di ewu òwò tiyín.

Àwọn kan á tún fi kún un pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Òótọ́ ni, àmọ́ arọ náà gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ogun ń bọ̀, ọ̀nà tó ń gbà bọ̀, àti ẹni tí yóò gbé òun.

Ilé adìyẹ kan ṣoṣo ni màá fi ṣàlàyé lónìí. Ká ní ẹnì kan nítòsí Ìbàdàn fẹ́ yá owó láti sin 2,000 adìyẹ tó ń yé ẹyin, nínú kéèjì. Ẹ jẹ́ ká bá a kọ abala ewu rẹ̀.

Ní ti àìsàn, orúkọ ni kí a kọ́kọ́ pè. Lúkúlúkú ni. Àrùn náà ti wà nílẹ̀ wa tipẹ́, adìyẹ ìbílẹ̀ tó ń jẹ̀ káàkiri ń gbé e kiri, ó sì máa ń le sí i nígbà ọyẹ́, láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì. Agbo tí kò gba àjẹsára lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Òṣìṣẹ́ báńkì yóò béèrè pé, "Báwo ni ó ṣe lè ṣẹlẹ̀ tó?" Kí ẹ má fi "díẹ̀" tàbí "púpọ̀" dá a lóhùn. Ẹ lọ bá dókítà ẹran àdúgbò yín, ẹ sì bi àwọn ọ̀sìn-adìyẹ mẹ́wàá tó yí yín ká pé mélòó nínú wọn ló rí lúkúlúkú láàárín ọdún 3 tó kọjá. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ kọ mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti gbọ́ ọ. Iye kékeré tó ní orísun sàn ju ọ̀rọ̀ ńlá tí kò ní lọ.

Ìbéèrè kan ṣì kù tí ẹ máa bi àwọn mẹ́ta yẹn: ṣé wọn kò fún adìyẹ wọn ní àjẹsára ni? Wọ́n sábà máa ń sọ pé àwọn fún wọn. Ibẹ̀ ni ewu gidi wà. Àjẹsára Lasota tí à ń pò sínú omi fún wọn mu, ohun alààyè ni. Kò gbọdọ̀ kúrò nínú òtútù, láti ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì. Bí iná bá lọ ní ilé ìtajà oògùn tí wọn kò sì tan jẹnẹrétọ̀, ó lè ti kú kí ẹ tó rà á. Bí ẹ bá pò ó sínú omi ẹ̀rọ tó ní kilorín, kilorín á pa á. Bí òùngbẹ kò bá gbẹ adìyẹ dáadáa, wọn á mu ún díẹ̀díẹ̀, oòrùn á sì ba ìyókù jẹ́.

Nítorí náà, gbólóhùn ewu wa yóò yí padà. Yóò di: "Àjẹsára lúkúlúkú lè ti kú kó tó dé ẹnu adìyẹ wa. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé, a lè pàdánù púpọ̀ nínú agbo, ẹyin àwọn tó bá sì yè yóò já wálẹ̀." Ìgbésẹ̀ ìdènà yóò wá tẹ̀lé e fúnra rẹ̀. A ó ra àjẹsára ní àárọ̀, a ó fi yìnyín gbé e nínú kúlà. A ó lo omi kànga tí kò ní kilorín, a ó sì po wàrà lẹ́búlẹ́bú tí kò lọ́ràá mọ́ ọn. A ó gba omi lọ́wọ́ adìyẹ fún wákàtí kan sí méjì ṣáájú, kí wọ́n lè mu àjẹsára náà tán láàárín wákàtí méjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, dókítà ẹran yóò gba ẹ̀jẹ̀ adìyẹ bíi mélòó kan lọ sí ilé àyẹ̀wò láti mọ̀ bóyá àjẹsára ṣiṣẹ́. Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò, òun nìkan sì ni ó ń sọ fún wa bí àwọn yòókù bá kùnà.

Fúlù ẹyẹ, àrùn adìyẹ tí ayé ń bẹ̀rù, tó kọ́kọ́ fara hàn ní Nàìjíríà ní ìpínlẹ̀ Kàdúná lọ́dún 2006, tó sì padà wá lọ́dún 2015, yàtọ̀ ní tirẹ̀. Kì í wọ́pọ̀ bíi lúkúlúkú, ṣùgbọ́n bó bá wọlé, pípa ni wọn yóò pa agbo tó kù. Ẹ má fi òun àti lúkúlúkú sí orí ìlà kan náà. Ọ̀kan lára ohun tó lè gbé e wọlé ni kíréètì bébà tí oníbàárà kó ti ọjà bọ̀, nítorí náà kíréètì oníke tí a lè fọ̀ ni kí a lò, kí oníbàárà sì dúró sí ẹnu géètì. Bí ẹ bá sì gbẹ́kẹ̀ lé ìbánigbófò, ẹ ka ìwé àdéhùn rẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ mọ àrùn tí wọ́n yọ sílẹ̀.

Ó ku owó. Mo máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n fi náírà sílẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n fi kíréètì ẹyin ṣe ìṣirò. Adìyẹ kan ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 115 lójúmọ́. Ti 2,000 jẹ́ kílò 230, ó lé díẹ̀ ní àpò 9 tó jẹ́ kílò 25. Bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá bá ń yé, ẹyin 1,600 nìyẹn, kíréètì 53. Bí owó kíréètì mẹ́rin bá ra àpò oúnjẹ kan, oúnjẹ gba kíréètì 37, ó ku 16 fún owó iṣẹ́, oògùn, iná àti gbèsè. Bí ó bá di kíréètì márùn-ún, oúnjẹ gba 46, ó ku 7. Gbèsè kò ní ṣeé san nínú 7 yẹn. Ẹ rí i pé a ti mọ ibi tí ewu wà: kì í ṣe "bí oúnjẹ bá wọ́n," bí kò ṣe bí àpò kan bá ń súnmọ́ kíréètì márùn-ún.

Ọ̀nà méjì ni ó lè gbà débẹ̀, àwọn méjèèjì sì lè dé lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbàdo lè wọ́n, ẹyin sì lè pọ̀ lọ́jà. Nígbà tí náírà bébà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ẹyin ṣù jọ lọ́wọ́ àwọn ọ̀sìn-adìyẹ nítorí kò sí owó lọ́wọ́ oníbàárà, adìyẹ kò sì dá oúnjẹ dúró. Ẹni tó kọ ewu méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó sì rò pé ọ̀kan yóò gba òun lọ́wọ́ èkejì, ti ṣìrò.

Àwọn kan á ní, "A ó ra àgbàdo nígbà ìkórè." Ó dára. Bí àgbàdo bá jẹ́ ìdajì oúnjẹ, ti oṣù 3 yóò lé ní tọ́ọ̀nù 10. Ilé wo ni ẹ ó kó o sí? Ta ni yóò wọn bó ṣe gbẹ tó, kó má bu? Owó rẹ̀ ńkọ́? Mo máa ń gbé abala ewu sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì ìnáwó. Gbogbo ìgbésẹ̀ tí n kò bá rí owó rẹ̀ níbẹ̀, yìnyín, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ibi ìkó-àgbàdo, mo máa ń fi bírò fa ìlà sí i lábẹ́. Ìlà tó pọ̀ ni ó sábà máa ń wà.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ewu kan yóò kù tí ìgbésẹ̀ kankan kò lè dí. Ẹ kọ òun náà, ẹ kọ ẹni tí yóò ṣe ìpinnu, àti ọjọ́ tí yóò ṣe é. Fún ilé adìyẹ wa: "Bí àpò kan bá ju kíréètì márùn-ún lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tẹ̀léra, alábòójútó yóò ta àwọn tó dàgbà jù nínú agbo fún ẹlẹ́ran ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, yóò sì kọ̀wé sí báńkì ní ọjọ́ náà."