Bí A Ṣe Lè Mọ Iye Táìlì Tí Yàrá Yóò Gbà Láti Inú Fọ́tò

Ọ̀pọ̀ nínú yín kò tíì lè padà sílé. Fọ́tò yàrá tí aládùúgbò yà ránṣẹ́ nìkan ló wà lọ́wọ́ yín. Ẹ lè fi ṣírò táìlì, bí táìlì àtijọ́ bá ṣì hàn nílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ má fi rúlà wọn fọ́tò o. Ohun tó wà nítòsí máa ń tóbi nínú fọ́tò, èyí tó jìnnà a sì kéré. Kíkà ni kí ẹ kà á. Ẹ ka táìlì tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan láti igun dé igun, kí ẹ sì ka ti ògiri tó bá a pàdé. Bí ẹrẹ̀ tàbí bẹ́ẹ̀dì bá bo igun kan, ẹ ní kí aládùúgbò ya òmíràn láti igun òdìkejì. Kí ó wọn ẹyọ táìlì kan fún yín pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká mú yàrá kan. Táìlì ibẹ̀ jẹ́ 40 sẹ̀ǹtímítà lóròó àti níbùú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan, a ka 9 àti ààbọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, 8 àti ààbọ̀. Ẹ ka ààbọ̀ sí odindi, nítorí odindi la ó gé kí ààbọ̀ tó jáde, ìyókù rẹ̀ kì í sì í fìgbà gbogbo wúlò. Ó di 10 àti 9. 10 lọ́nà 9 jẹ́ 90. Ti gígé ti wà nínú rẹ̀.

Ó ku èyí tó máa fọ́ nínú ọkọ̀ tàbí lọ́wọ́ ẹni tó ń gé e. Ẹ fi 5 kún 100 kọ̀ọ̀kan. Fún 90, ẹ fi 5 kún un, ó di 95. Ẹ ka iye tó wà nínú páálí lára rẹ̀, nítorí ó máa ń yàtọ̀. Bó bá jẹ́ 12, páálí 7 jẹ́ 84, kò tó. 8 ni ẹ ó rà, ìyẹn 96.

Bó bá jẹ́ táìlì 60 lẹ fẹ́ rà, ẹ má lo 90 yẹn. Ẹ̀gbẹ́ kan yàrá náà jẹ́ 380 sẹ̀ǹtímítà, èkejì 340. Ẹ fi 60 pín wọn: 6 àti díẹ̀ di 7, 5 àti díẹ̀ di 6. 7 lọ́nà 6 jẹ́ 42. Ẹ fi 3 kún un fún fífọ́, ó di 45.

Ẹ ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá padà lọ ra 3 péré lẹ́yìn oṣù kan lè bá orúkọ kan náà ní àwọ̀ tó yàtọ̀ díẹ̀, nítorí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sun gbogbo rẹ̀ nílé iṣẹ́. Ẹ wo nọ́ńbà ara páálí, kí gbogbo wọn bára mu. Bí ó bá ṣẹ́ kù, ẹ tọ́jú rẹ̀: òun lẹ ó fi rọ́pò èyí tó bá sán lọ́jọ́ iwájú.