Ojúgun Tó Ń Dun Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Sáré

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ ẹni méjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré ìdájí lójú títì Ìlobùú sí Ifọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ojúgun ń dun àwọn méjèèjì.

Ẹni àkọ́kọ́, bí ó bá tẹ etí egungun náà níhà inú ẹsẹ̀, ìrora náà gùn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Ó ń ta á nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré. Bí ara bá gbóná, á rọlẹ̀. Lẹ́yìn eré, á tún padà. Kí ó fi eré sílẹ̀ títí ìrìn kò fi ní dùn ún mọ́, kí ó wá padà díẹ̀díẹ̀.

Ti ẹnì kejì ló ń bà mí lẹ́rù. Ojú kan péré, tí orí ìka kan bò, ló ń dùn ún. Bí ó ṣe ń sáré lọ ló ń le sí i. Kò lè fi ẹsẹ̀ náà nìkan fò, ìrora sì ń jí i lóru. Egungun ti ń sán nìyẹn, bí ìkòkò ṣe ń sán kí ó tó fọ́. Kò gbọdọ̀ sáré mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọwọ́ ra á. Ọsibítù ni kí ó lọ. Fọ́tò egungun lè má fi nǹkan kan hàn ní ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3 àkọ́kọ́. Bí ojú kan náà bá ṣì ń dùn ún, kí ó padà lọ ya òmíràn.